Òkè ga, ìsàlẹ̀ wálẹ̀: ohun tí àlàfo ìfúnpá ń sọ nípa iṣan ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà

Ní ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, láàrin àwọn tó ń ta àdìrẹ, kò ṣòro láti rí ìyá àgbà méjì tí wọ́n jókòó sórí àpótí tí wọ́n ń fi nọ́mbà bípí wọn wéra. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ìfúnpá ti wọ ilé púpọ̀, àwọn oníkẹ́mìsì ń bá ènìyàn wọ̀n ọ́n, àwọn ìjọ àti mọ́ṣáláṣí náà a sì máa pe nọ́ọ̀sì wá lẹ́yìn ìsìn. Gbólóhùn kan tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni pé, "Òkè nìkan ló ga díẹ̀, ìsàlẹ̀ mi dára." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ lè ní 164 lókè àti 66 nísàlẹ̀, ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀ nítorí 66 yẹn. Àmọ́ fún ẹni tó ti kọjá ọgọ́ta ọdún, ìsàlẹ̀ tó wálẹ̀ nígbà tí òkè ga kò bá òkè dín ewu rẹ̀ kù rárá. Ìkan náà ni ohun tó sábà máa ń ti òkè sókè tó sì ń fa ìsàlẹ̀ wálẹ̀: iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ti ń le.

Nọ́mbà òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan ní àkókò tí ọkàn bá fún pọ̀ tó sì tú ẹ̀jẹ̀ jáde. Nọ́mbà ìsàlẹ̀ ni agbára tó ṣẹ́ kù nínú iṣan nígbà tí ọkàn bá dẹ̀ tó ń gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn sínú. Mìlímítà mákúrì ni a fi ń wọn méjèèjì. Bí a bá yọ ìsàlẹ̀ kúrò lára òkè, ohun tó kù ni àlàfo ìfúnpá. Ẹni tó ní 120 lórí 80 ní àlàfo 40. Ìyá tó ní 164 lórí 66 ní àlàfo 98. Bí àgbàlagbà bá jókòó sinmi dáadáa tí àlàfo rẹ̀ sì pé 60 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn dókítà a máa kà á sí àmì pé iṣan ńlá ti ń le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìyàtọ̀ kankan tó lórúkọ láàrin ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 58 àti ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 62.

Láti mọ ìdí tí àlàfo náà fi ń fẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ iṣan ńlá tó jáde tààrà láti inú ọkàn, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ayọ́tà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀nà lásán ni fún ẹ̀jẹ̀ láti gbà kọjá. Nínú ara ọ̀dọ́, iṣan yìí ń nà bíi rọ́bà tuntun. Nígbà tí ọkàn bá tú ẹ̀jẹ̀ sínú rẹ̀, ó máa ń wú, ó sì máa ń gba apá kan ẹ̀jẹ̀ náà pamọ́. Nígbà tí ọkàn bá dẹ̀, iṣan náà á sún kì padà, á sì rọra ti ẹ̀jẹ̀ tó gbà pamọ́ yẹn lọ síwájú. Ẹni tó bá ti wo alágbẹ̀dẹ tó ń fín iná mọ̀ pé awọ ẹwìrì ló ń gba atẹ́gùn sínú kí ó tó tú u jáde, àti pé bí awọ náà bá gan, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ yóò ro ó, atẹ́gùn kò sì ní jáde bó ti yẹ. Stífínì Hélìsì, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó kọ́kọ́ wọn ìfúnpá lára ẹṣin, ti ṣe irú àfiwé yìí ní ọdún 1733. Ẹ̀rọ àwọn panápaná ayé ìgbà náà ló fi wé e, nítorí pé ẹ̀rọ náà ní àgbá atẹ́gùn tó ń sọ omi tí wọ́n ń fọn ní ìdákúrekú di ìṣàn tí kò dá dúró.

Ohun tó fún ayọ́tà ní agbára láti nà àti láti sún kì ni fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ẹlásítìnì. Ìgbà tí ènìyàn wà nínú oyún àti ìgbà èwe ni ara ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó sì ń ṣe lẹ́yìn náà. Bí ọkàn bá ń lù ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, ó ju ìgbà ọ̀kẹ́ márùn-ún lọ ní ọjọ́ kan, iye ìgbà yẹn náà sì ni fọ́nrán wọ̀nyí ń nà tí wọ́n sì ń sún kì. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, púpọ̀ nínú wọn ti gé. Irú fọ́nrán mìíràn tó yi, tí kì í nà, ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, èérún kálísíọ́mù a sì máa ká sí ara iṣan náà. Bí rọ́bà tí oòrùn ti pa, iṣan náà ṣì lè gbé ẹ̀jẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kò lè nà mọ́. Ìtọ̀ ṣúgà, àrùn kíndìnrín, sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú fún ọdún pípẹ́ máa ń mú kí èyí tètè dé.

Nígbà tí iṣan bá ti le báyìí, nǹkan méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn tú jáde kò rí àyè tí yóò gbà á pamọ́, nítorí náà gbogbo agbára rẹ̀ ni yóò fi lu ara iṣan, nọ́mbà òkè á sì ga. Nígbà tí ọkàn bá sì dẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ní ìpamọ́ tí iṣan yóò tì síwájú, nítorí náà nọ́mbà ìsàlẹ̀ á wálẹ̀. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí òkè fi ń ga. Ìgbì tí ọkàn bá rán jáde máa ń kọlu oríta àwọn iṣan kéékèèké, apá kan rẹ̀ a sì padà wá. Lára ọ̀dọ́, ìgbì yìí kì í yára, ìgbà tí ọkàn bá ti dẹ̀ ni ó ń dé, a sì máa gbé nọ́mbà ìsàlẹ̀ dúró. Nínú iṣan tó ti le, ó ń sáré padà, ó sì ń bá ọkàn níbi tó ti ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde lọ́wọ́, tí yóò fi di pé òkè ni ó ń bá wọn gbé sókè. Ìdí nìyẹn tí nọ́mbà òkè fi ń gòkè jálẹ̀ ọjọ́ ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí nọ́mbà ìsàlẹ̀ sì ń gòkè títí di ìwọ̀n ọdún 50, tó dúró fún ìgbà díẹ̀, tó sì wá ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Ẹni tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 92 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 48, tó wá rí 68 ní ẹni ọdún 73, lè máa dúpẹ́ pé ara òun ti yá, nígbà tó jẹ́ pé iṣan rẹ̀ ló ti gan.

Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí túbọ̀ yéni. Àwọn oníṣègùn máa ń ṣírò àárín ìfúnpá nípa fífi ìdá kan nínú mẹ́ta àlàfo kún nọ́mbà ìsàlẹ̀. Fún ìyá tó ní 164 lórí 66, ìdá kan nínú mẹ́ta 98 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 33, nítorí náà àárín rẹ̀ jẹ́ 99. Ẹ jẹ́ kí a wá mú ọkùnrin ẹni ogójì ọdún kan tó ní 125 lórí 86. Àlàfo tirẹ̀ jẹ́ 39, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 13, àárín tirẹ̀ náà sì jẹ́ 99. Ìwọ̀n agbára tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara àwọn méjèèjì dọ́gba. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọkàn ìyá yìí bá lù, ìfúnpá inú iṣan rẹ̀ ń fò sókè ní 98 kí ó tó tún já wálẹ̀, nígbà tí ti ọkùnrin náà ń lọ sókè ní 39 péré. Lílù yẹn ni ìṣòro. Ọpọlọ àti kíndìnrín máa ń gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ láìsí ìdènà líle lẹ́nu ọ̀nà wọn, nítorí náà ìlù náà ń wọlé tọ àwọn iṣan wọn tó rí bí òwú, ó sì ń bà wọ́n jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ti ọkàn fúnra rẹ̀, ìyà méjì ló ń jẹ ẹ́. Ó ń fi agbára tó pọ̀ ti ẹ̀jẹ̀ jáde sínú iṣan tí kò gbà fún un, ẹran rẹ̀ a sì máa nípọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà tí ọkàn bá dẹ̀ ni ẹran ọkàn ń rí èyí tó pọ̀ jù gbà nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni agbára tó yẹ kó gbé e wọlé ti lọ sílẹ̀.

Àwọn tó fi èyí hàn kedere ni àwọn olùwádìí tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìlú Fíráámínhàmù ní ìpínlẹ̀ Masasúsẹ́ẹ̀tì, ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀lé ìlera àwọn ará ìlú láti ọdún 1948. Nínú àbọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 1999 nípa àwọn ẹni ọdún 50 sí 79, wọ́n rí i pé bí nọ́mbà òkè ènìyàn méjì bá dọ́gba, tó sì jẹ́ 120 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kéré ni ewu àrùn ọkàn rẹ̀ pọ̀ jù. Èyí tako ohun tí wọ́n ń sọ ní ọjà pátápátá. Òótọ́ ni pé òyìnbó ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará ìlú náà ní ìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì ní sọ pé a lè gbé gbogbo iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ wá sí ìlú Ẹ̀gbá bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n bí iṣan ṣe ń gan kò yàtọ̀ láti àwọ̀ kan sí èkejì. Ohun kan tí kò yẹ kí a gbàgbé ni pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni èyí. Fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 50, nọ́mbà ìsàlẹ̀ tó ga ṣì jẹ́ ohun tó yẹ kó ká ni lára gidigidi.

Kí a tó fi ẹ̀sùn kan iṣan, ó yẹ kí a mọ̀ pé ó ti le lóòótọ́. Abẹ́òkúta jẹ́ ìlú olókè, ẹni tó bá gun òkè wá sí ibi tí wọ́n ti ń wọn ìfúnpá tí wọ́n sì wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ yóò ní àlàfo tó fẹ̀, nítorí pé ìrìn àti òkè gígun máa ń gbé nọ́mbà òkè ga láìfọwọ́ kan ìsàlẹ̀ púpọ̀. Bákan náà ni ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀ lára, àti àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn tó ń mú kí àyà máa já, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ara sì máa rù, ṣe lè mú kí àlàfo fẹ̀. Èyí tó burú jù nínú wọn ni kí ìlẹ̀kùn tó wà láàrin ọkàn àti ayọ́tà má lè padé mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ti tú jáde á máa ṣàn padà sínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ á sì lè já sí 45 tàbí 40. Dókítà tó bá fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà sábà máa ń gbọ́ ariwo ìṣànpadà náà, ó sì lè rí i tí iṣan ọrùn ń lù fòò fòò. Ọkàn tó ń lù díẹ̀ jù, bóyá ìgbà 38 ní ìṣẹ́jú kan, náà lè fa irú àlàfo bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń pẹ́ kí ó tó tún dé. Bí lílù ọkàn bá sì ń ṣe ségesège, ẹ̀rọ ilé a máa purọ́, nọ́mbà mẹ́ta yóò sì yàtọ̀ síra ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí a bá wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá tẹ̀lé ìyá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Mo kó o jọ láti ara ohun tó wọ́pọ̀ ni. Ẹni ọdún 72 ni, ó ti ta àdìrẹ títí orúnkún rẹ̀ fi ń ro ó. Ó ní oògùn ìfúnpá kan nílé, amlódípíìnì, ṣùgbọ́n ìgbà tí orí bá ń fọ́ ọ nìkan ló ń lò ó. Ní ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ kọ́kọ́ kọ 182 lórí 64, nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn ni. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ sinmi ná, ẹ má sọ̀rọ̀." Ó ní kí wọ́n lọ tọ̀, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀, ó sì fi tábìlì gbé apá wọn sókè dé ibi tó bá àyà dọ́gba. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ó rí 168 lórí 66, nígbà tó sì tún un ṣe, ó rí 164 lórí 66. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iye náà kò sì yí padà púpọ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní kí ìyá dìde dúró, ó sì tún wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń fo ìgbésẹ̀ yìí, ó sì ń dùn mí, nítorí pé iṣan tó ti le kì í lè yára bá ara mu nígbà tí ènìyàn bá dìde. Bí òkè bá já ní 20 tàbí ìsàlẹ̀ ní 10 láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta, a jẹ́ pé ẹni náà lè ṣubú ní òru nígbà tó bá fẹ́ lọ tọ̀, oògùn tí a bá sì fi kún un lè mú kí ó burú sí i. Tìyá wa jẹ́ 152 lórí 64 ní ìdúró: òkè já ní 12, kò sì sí òòyì. Dókítà gbọ́ àyà wọn, kò gbọ́ ariwo kankan. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára wọn, ó jẹ́ 36 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó dára fún obìnrin ọjọ́ orí wọn. Ọwọ́ kò gbọ̀n, ara kò rù. Nígbà tí gbogbo èyí ti kúrò lọ́nà, iṣan líle ló kù.

Ìbéèrè tó wá ran dókítà náà sí ìrònú ni bí yóò ṣe mú òkè wálẹ̀ láìjẹ́ kí ìsàlẹ̀ rì. Kò sí oògùn tí a ṣe fún àlàfo nìkan; gbogbo oògùn ìfúnpá ló ń fa méjèèjì wálẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní iye kan náà. Ìwádìí kan tí wọ́n parí ní Amẹ́ríkà ní 1991, tí àwọn ènìyàn 4,736 tó ti pé ọgọ́ta ọdún tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ kópa nínú rẹ̀, fi ìdáhùn hàn. Ìpíndọ́gba ìfúnpá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 170 lórí 77. Àwọn tó lo oògùn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú tó ń mú kí ènìyàn tọ iyọ̀ àti omi dànù, ní ìpíndọ́gba 143 lórí 68 lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Òkè já ní 27, ìsàlẹ̀ já ní 9, àlàfo tó jẹ́ 93 sì di 75. Rọpárọsẹ̀ fi ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàrin wọn ju àwọn tí wọ́n fún ní oògùn òfo lọ. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìsàlẹ̀ tó kéré ṣe àwáwí láti fi òkè tó ga sílẹ̀ láìtọ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kan padà tú àkọsílẹ̀ ìwádìí kan náà wò ní 1999, wọ́n rí i pé láàrin àwọn tó ń lo oògùn, ewu ń ga fún àwọn tí ìsàlẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ jù, pàápàá bó bá lọ sábẹ́ 60. Ó lè jẹ́ pé ìsàlẹ̀ tó já ló fà á, ó sì lè jẹ́ pé àwọn tí iṣan wọn ti bàjẹ́ jù tẹ́lẹ̀ ni ìsàlẹ̀ wọn ń já. Èmi fara mọ́ èkejì ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n mi ò rí dókítà tó gbọ́n tí yóò rí 58 nísàlẹ̀ ẹni tí àyà ń dùn tí kò ní dẹ ọwọ́.

Dókítà náà kò sáré kọ oògùn. Ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìyá ń lò fún orúnkún, ó sì rí i pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ra oògùn ìrora tó jẹ́ irú èyí tó ń mú kí ara di iyọ̀ mú, tó ń gbé ìfúnpá ga, tó sì ń ni kíndìnrín lára. Ó yí i padà sí parasitamọ́ọ̀lù àti oògùn pípa lára orúnkún. Lẹ́yìn èyí ni ó béèrè ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Làfún kò ṣe nǹkan kan fún ìfúnpá wọn. Mágì mẹ́ta tó ń wọ ìkòkò ọbẹ̀ àti káún inú ewédú ni ó ní kí wọ́n dín kù, nítorí pé inú iyọ̀ ni sódíọ̀mù wà, ó wà nínú mágì, káún náà sì ní i, iṣan tó ti le kì í sì fi ara da àpọ̀jù rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lo amlódípíìnì mìlígíráàmù 5 lójoojúmọ́, bí orí ń fọ́ bí kò fọ́. Nígbà tí òkè ṣì wà ní 156 lẹ́yìn oṣù kan, ó fi ìwọ̀n kékeré oògùn tó ń mú ni tọ̀ kún un, ó sì ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí ni pé oògùn náà lè mú kí sódíọ̀mù àti potásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá àgbà lọ sílẹ̀ jù, tí ó fi di pé ara wọn ń rọ tàbí kí iyè wọn máa ra, tí àwọn ará ilé á sì máa sọ pé ọjọ́ ogbó ni.

Ní òpin oṣù kẹta, ìjókòó jẹ́ 144 lórí 62, ìdúró sì jẹ́ 134 lórí 60. Àlàfo ìjókòó ti sún láti 98 sí 82. Iye yìí kò dé ibi tí ìwé ń fẹ́, ọmọ ìyá kan tó bá wọn wá sì béèrè ìdí tí dókítà kò fi kún oògùn kí òkè lè já sí 130. Dókítà fi ìka tọ́ka sí 60 tó wà nínú nọ́mbà ìdúró, ó ní ibẹ̀ ni òun ń wò. Ó ní kí wọ́n máa lo oògùn méjèèjì bó ṣe wà, kí wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó dìde ní òru, kí wọ́n sì padà wá ní oṣù mẹ́ta sí i pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ nọ́mbà òkè àti ìsàlẹ̀ sí, ti ìjókòó àti ti ìdúró.